Kíláàsì Ńlá Lórí Ẹ̀rọ: Bí A Ṣe Ń Pín In sí Yàrá Kéékèèké kí Olúkúlùkù Ọmọ Lè Lanu Sọ Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Enúgu, tí ó ń gbọ́ Ìgbò ní àdúgbò, tí ó ń gbọ́ Òyìnbó ní ilé-ìwé, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sì ń ti ibi iṣẹ́ dé ní àṣálẹ́ pẹ̀lú àárẹ̀, níbo ni yóò ti gbọ́ èdè ilé tí a fi sọ ọ́ lórúkọ?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ìlú èédú. Láti ìgbà tí ojú irin ti so Enúgu mọ́ Pọtakọ́ọ̀tù ní 1916 ni àwọn èrò ti ń ti ọ̀nà jíjìn wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwa Yorùbá náà sì wà lára wọn. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni ọ̀nà tí a fi ń gbìyànjú láti yanjú rẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí ìjọba ti ilé-ìwé pa ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ kọ́ bí a ti ń pàdé lórí ẹ̀rọ Súùmù. Bí ìjókòósílé ọjọ́ Ajé sì ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ó tún mú kí àwọn òbí ní Enúgu àti àwọn ìlú tí ó yí i ká rántí ọ̀nà yìí léraléra. Àwa díẹ̀ tí a jọ wà ní ìlú náà fi ọgbọ́n yìí dá ẹ̀kọ́ Yorùbá ọjọ́ Àbámẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, nítorí pé ẹni tí ń gbé Éménè kò lè máa gbé ọmọ wá sí Úwàní lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn ọmọ náà pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Orúkọ méjìdínláàádọ́ta ni a kọ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí a sì rí nínú wàhálà náà ni mo fẹ́ kọ fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì àti ní Pọtakọ́ọ̀tù, àwọn mìíràn ń gbìyànjú irú iṣẹ́ kan náà.

ÌṢÍRÒ TÍ Ó LA OJÚ WA

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ méjìdínláàádọ́ta àti wákàtí kan ṣe ìṣirò. Bí olùkọ́ bá fi ogún ìṣẹ́jú kọ́ wọn ní ohun tí ọjọ́ náà wà fún, ogójì ìṣẹ́jú ni ó kù. Bí ó bá pín ogójì ìṣẹ́jú náà fún gbogbo ọmọ láìfi ìṣẹ́jú kan ṣòfò, àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá péré ni yóò kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ tó ṣí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀, kí ó tó wúkọ́, kí ó tó sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ mà," ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ìyókù wákàtí náà, ó ń gbọ́ ẹlòmíràn ni, tàbí kí ó máa wo àwòrán lórí fóònù ìyá rẹ̀.

Èdè kì í ṣe ohun tí à ń fi etí nìkan kọ́. Ẹnu ni à ń fi sọ ọ́ kí ó tó mọ́ ni lẹ́nu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyá kan pè mí lórí fóònù, ó ní, "Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi kò pa ọjọ́ kan jẹ rí. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó kí ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lánàá, ó dákẹ́ ni. Màmá ní ṣé ọmọ náà yadi ni?" Mo mọ̀ pé kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọmọ náà ti gbọ́ Yorùbá wákàtí mẹ́fà lẹ́nu wa. Bí a bá ro gbogbo èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ pọ̀, kò lè tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a pín àwọn ọmọ kan náà sí mẹ́rin-mẹ́rin. Yàrá méjìlá ni ó jẹ́. Bí a bá fún wọn ní ogún ìṣẹ́jú nínú yàrá, tí a sì yọ ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ìwọlé àti ìkíni, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni ó kù fún ọmọ mẹ́rin, èyí ni pé ìṣẹ́jú mẹ́rin kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti àkọ́kọ́. Ìdí rẹ̀ kò lé: ẹnu méjìlá ni ó ń sọ̀rọ̀ ní àkókò kan náà dípò ẹnu kan ṣoṣo.

BÍ A ṢE Ń ṢÍ ÀWỌN YÀRÁ NÁÀ

Ohun tí Súùmù ń pè ní "Breakout Rooms" ni èyí. Ẹ fojú inú wo gbọ̀ngàn ńlá kan tí ó ní iyàrá kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ pé jọ sí gbọ̀ngàn. Bí olùdarí ìpàdé bá ti fọ́n wọn ká sí yàrá, àwọn tí ó wà nínú yàrá kan yóò máa gbọ́ ara wọn nìkan, wọn kò ní gbọ́ ohùn yàrá kejì. Bí ó bá sì ti pè wọ́n padà, gbogbo wọn yóò tún bá ara wọn nínú gbọ̀ngàn.

Àkọ́kọ́, ẹni tí ó ni àkáǹtì tí a fi pe ìpàdé níláti lọ sí ojú ìwé zoom.us kí ọjọ́ ẹ̀kọ́ tó pé. Kí ó ṣí "Settings", kí ó lọ sí "Meeting", kí ó wá ibi tí a kọ "In Meeting (Advanced)" sí, kí ó sì tan "Breakout room" níbẹ̀. Bí kò bá tàn án, kò ní rí àmì yàrá kankan nígbà tí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, yóò sì rò pé ẹ̀rọ òun ni ó bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà ni kí olùdarí fi ṣe iṣẹ́ yìí, kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé fóònù. Ní ti àwọn ọmọ, fóònù tó wọn láti fi wọ yàrá.

Èkejì, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti pé, olùdarí yóò tẹ "Breakout Rooms". Ẹ̀rọ yóò bi í léèrè iye yàrá tí ó fẹ́ àti bí yóò ti pín àwọn ènìyàn sí i. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. "Assign automatically" yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ pín wọn bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ, láìmọ ẹni tí ó bá ẹnì kan mu. "Assign manually" yóò jẹ́ kí olùdarí fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹni kọ̀ọ̀kan sí yàrá rẹ̀. "Let participants choose room" yóò jẹ́ kí olúkúlùkù yan yàrá tí ó wù ú.

Ẹ̀kẹta, kí ó tó ṣí àwọn yàrá náà, kí ó wo àwọn àṣàyàn tí ó wà nísàlẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún àwọn ọmọdé ni èyí tí ó ní kí ẹ̀rọ gbé gbogbo ẹni tí a ti pín lọ sí yàrá wọn láìbéèrè. Bí a kò bá mú un, ẹ̀rọ yóò kàn fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ọmọ, ọmọ náà yóò sì níláti tẹ "Join" kí ó tó wọlé. Ọmọ ọdún méje tí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí yóò jókòó sínú gbọ̀ngàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Olùdarí lè dá a mọ̀ nínú àkọsílẹ̀ yàrá, nítorí ẹ̀rọ máa ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tí ó ti wọlé àti ẹni tí kò tíì wọlé. Àṣàyàn kejì ni aago tí yóò ti yàrá fúnra rẹ̀ nígbà tí àkókò bá pé. Ẹ̀kẹta ni ìkìlọ̀ ìparí: bí olùdarí bá tẹ "Close All Rooms", àwọn ọmọ yóò rí i lójú ẹ̀rọ pé ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá ni ó kù kí a tó dá wọn padà, wọn yóò sì lè parí gbólóhùn tí ó wà lẹ́nu wọn.

Nígbà tí ó bá tẹ "Open All Rooms", gbogbo ènìyàn yóò pòórá kúrò lójú rẹ̀. Kí àyà rẹ̀ má ṣe já. Òun nìkan ni ó kù nínú gbọ̀ngàn, ó sì lè tẹ "Join" lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí ó bá wù ú láti wọlé lọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

ÌGBÀ ÀKỌ́KỌ́ TÍ A DÁN AN WÒ

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó, a jẹ́ kí ẹ̀rọ pín àwọn ọmọ fúnra rẹ̀ sí yàrá méjìlá. A ní kí wọ́n lọ jíròrò nípa ìsọmọlórúkọ. Àwòrán oyin, obì àti ataare wà lójú ẹ̀rọ nínú gbọ̀ngàn, ó wù wá bí ó ti tò. Kò pẹ́ tí ojú fi tì wá.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé àwòrán tí olùdarí gbé sójú ẹ̀rọ nínú gbọ̀ngàn kì í bá àwọn ọmọ lọ sínú yàrá, àfi bí a bá mú àṣàyàn pàtàkì kan tí ó wà fún un. Bí àwọn yàrá ti ṣí, ìbéèrè ti parẹ́ lójú wọn. Mo wọ yàrá kẹta, mo bá ọmọ mẹ́rin tí wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀kan bi mí léèrè pé, "Bùọ̀dá, kí ni ẹ ní kí a ṣe?"

Ohun kejì ni iye àwọn tí ó wá. Mọ́kànlélógójì ni a rí lójú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe méjìdínláàádọ́ta. Nígbà tí ẹ̀rọ pín mọ́kànlélógójì sí yàrá méjìlá, yàrá márùn-ún ni ó ní ọmọ mẹ́rin, yàrá méje sì ní mẹ́ta péré. Kò pẹ́ tí iná mànàmáná lọ ní apá kan Abákpà, ọmọ mélòó kan sì já kúrò. Ní yàrá kan, ọmọ méjì ni ó ṣẹ́kù, ojú sì ń ti ọ̀kan nínú wọn láti sọ̀rọ̀. Ìjíròrò kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọ kan ni ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun kẹta ni ó dùn wá jù. Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá àti ẹni tí kò gbọ́. Nínú yàrá kan, ó kó àwọn mẹ́rin jọ tí kò sí ẹni tí ó lè ka ẹyọ gbólóhùn mẹ́ta láìdúró. Nígbà tí mo wọlé, Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, eré bọ́ọ̀lù ni wọ́n sì ń jíròrò. Bí wọ́n ti rí mi, gbogbo wọn dákẹ́ wẹ́lo. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ẹ bá wọ yàrá kan tí ọ̀rọ̀ dá gẹ́lẹ́ bí ẹ ti wọlé, ó ṣeé ṣe kí ohun tí wọ́n ń sọ kí ẹ tó dé má jẹ́ ohun tí ẹ rán wọn. Yàrá tí iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀ kì í bìkítà fún àlejò.

Ohun kẹrin ni pé èmi nìkan kò lè yí yàrá méjìlá ká láàárín ogún ìṣẹ́jú. Bí mo bá lo ìṣẹ́jú méjì ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ni yóò gbà. Yàrá méjì kò rí olùkọ́ kankan títí a fi ti ìlẹ̀kùn. Ọmọ tí ó bá há lè tẹ "Ask for Help" láti pe olùdarí wá, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè ka Òyìnbó dáadáa kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí mo kọ ránṣẹ́ sí gbogbo yàrá pẹ̀lú "Broadcast": ó kàn fara hàn lójú ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ. Àwọn ọmọ kéékèèké kò rí i kà.

BÍ A TI TÚN UN ṢE

A kò jáwọ́. Nígbà tí a tún pàdé, àtúnṣe tí a ṣe kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan, ti ọ̀nà ìkọ́ni náà wà níbẹ̀.

Ní ti ìpínlẹ̀ yàrá, a fi ti ẹ̀rọ sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yan. Kí ó má ba à gba àkókò púpọ̀, a fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà yàrá tirẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lórí Wáàtsáàpù, a sì bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà ṣáájú orúkọ ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń wọlé. Nítorí náà, ohun tí olùdarí máa ń rí lójú ẹ̀rọ ni "03 Bísí" tàbí "07 Akin". Ojú kan ni yóò fi rí ibi tí olúkúlùkù ń lọ. Àwọn ìbejì tí wọ́n ń lo fóònù kan ṣoṣo yóò kọ orúkọ méjèèjì, nítorí ẹ̀rọ yóò kà wọ́n sí ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ẹnu méjì ni wọ́n ní. Súùmù ní ọ̀nà mìíràn tí a fi ń to orúkọ sí yàrá kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ímeèlì tí ènìyàn fi ṣí àkáǹtì Súùmù ni ó fi ń dá a mọ̀. Àwọn ọmọ wa kò ní ímeèlì, nítorí náà kò wúlò fún wa. Ẹni tí ó bá ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tàbí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè lò ó.

Ọmọ kan tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ni a kọ́kọ́ fi sí yàrá kọ̀ọ̀kan, kí a tó to àwọn yòókù mọ́ ọn. Òun ni ó dà bí òpó nínú ilé. Iye yàrá náà kò sì tún dúró sójú kan. Iye ọmọ tí a bá rí lọ́jọ́ náà ni a fi mẹ́rin pín. Bí ó bá jẹ́ mọ́kànlélógójì, a ó ṣí yàrá mẹ́wàá: mẹ́sàn-án yóò ní ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan yóò ní márùn-ún. Bí iná bá sì lọ, tí yàrá kan kò ní ju ọmọ méjì lọ mọ́, a ó kó àwọn méjèèjì sí yàrá mìíràn lójú ẹsẹ̀. Olùdarí lè ṣe é nígbà tí yàrá ṣì wà ní ṣíṣí, bí ó bá fi orúkọ ọmọ náà sí yàrá mìíràn nínú àkọsílẹ̀. Kí ó sì máa ṣọ́ gbọ̀ngàn, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ já lè padà já sí, tí yóò sì máa dúró láìmọ ibi tí yóò gbà.

A wá olùkọ́ kejì, a sì fi í ṣe igbákejì olùdarí lójú ẹ̀rọ. Èyí ní èrè méjì. Àkọ́kọ́, yàrá márùn-ún-márùn-ún ni ó kan wá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì tó láti yí wọn ká. Èkejì, bí iná bá lọ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ó lè mú iṣẹ́ lọ. Bákan náà ni a bẹ òbí kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan pé kí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, kí ó máa gbọ́, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dáhùn fún ọmọ. Àwọn ọmọdé ni wọ́n, a kò sì lè ti wọ́n mọ́ yàrá tí àgbàlagbà kankan kò ti gbọ́ ohùn wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé òun yóò padà gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú ohùn tí Súùmù gbà sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó mọ̀ pé gbọ̀ngàn nìkan ni ẹ̀rọ ń gbà sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá kò sí nínú rẹ̀.

IṢẸ́ TÍ Ó Ń MÚ ỌMỌ SỌ̀RỌ̀

Ṣùgbọ́n pípín wọn nìkan kọ́ ni ó ń mú wọn sọ̀rọ̀. Bí a bá ní kí ọmọ mẹ́rin "jíròrò", ẹni tí ó gbọ́n jù yóò sọ gbogbo rẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù yóò máa mi orí. Ọgbọ́n tí ó yọ wá ni ti ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Elliot Aronson, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó pẹ̀lú àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Ọ́stìn, ní ìpínlẹ̀ Tẹ́sásì, ní 1971. Ní àkókò náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá sí ilé-ìwé kan náà ni, ìjà sì pọ̀ láàárín wọn. Ohun tí Aronson ṣe ni pé ó pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, ó sì gé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sí wẹ́wẹ́, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní apá kan tí ẹnikẹ́ni mìíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ gbogbo ẹ̀kọ́ náà kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó tẹ́tí sí àwọn yòókù.

Bí àwa ti ṣe é lórí ìsọmọlórúkọ nìyí. Apá mẹ́rin ni a gé e sí. Omi ni apá kìn-ín-ní. Oyin àti iyọ̀ ni èkejì. Obì àti orógbó ni ẹ̀kẹta. Ataare ni ẹ̀kẹrin. A kọ gbólóhùn márùn-ún-márùn-ún lórí apá kọ̀ọ̀kan, a sì fi apá kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí òbí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá rẹ̀. Ọmọ tí ó gba ataare yóò kọ́ pé ataare máa ń ní ọ̀pọ̀ hóró nínú ilé kan ṣoṣo, nítorí náà ni a ṣe ń fi í wúre pé kí ọmọ tuntun bí ọmọ púpọ̀. Ẹni tí ó gba orógbó yóò kọ́ ìwúre pé kí ọmọ náà gbó, kí ó tọ́. Ẹni tí ó gba omi yóò kọ́ pé omi kò ní ọ̀tá. Nítorí pé ìbéèrè náà ti wà lọ́wọ́ olúkúlùkù kí yàrá tó ṣí, kò sí ẹni tí ó tún ń bi wá léèrè ohun tí ó yẹ kí ó ṣe.

Nínú yàrá, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sọ tirẹ̀, àwọn yòókù yóò sì bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ní yàrá tí ọmọ márùn-ún bá wà, méjì yóò jọ gbé apá kan. Bí ọmọ kan bá já nítorí iná, àwọn tí ó kù yóò mọ̀ pé apá kan ṣófo, wọn yóò sì sọ fún wa.

Nígbà tí a bá pe gbogbo wọn padà sí gbọ̀ngàn, a kì í ní kí olórí yàrá wá jíhìn. Àwa ni à ń yan ẹni tí yóò jíhìn, a kì í sì béèrè apá tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. A ó ní, "Yàrá kẹfà, ẹni tí ó ní ataare, dákun, sọ ti orógbó fún wa." Bí ó bá lè sọ ọ́, ó hàn pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ dáadáa, òun náà sì gbọ́. Bí kò bá lè sọ ọ́, a mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun kan kò lọ déédéé ní yàrá náà, a ó sì lọ síbẹ̀ ṣáájú ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ìṣẹ́jú kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá parí rẹ̀.

IBI TÍ AGBÁRA RẸ̀ MỌ

N kò ní tan yín jẹ. Àkáǹtì Súùmù tí a kò sanwó fún ń gba ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó sì ní yàrá kéékèèké, ṣùgbọ́n ogójì ìṣẹ́jú péré ni ó ń fún ìpàdé. Bí a bá yọ ìwọlé, ẹ̀kọ́ àti ìjíhìn kúrò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó lè kù fún yàrá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ pín wọn sí, kí ẹ sì gé ẹ̀kọ́ sí apá mẹ́ta. Àwọn òbí wa dáwó jọ láti san ti wákàtí gígùn. Ní ti Gúúgù Míìtì, àkáǹtì tí a sanwó fún ni a lè fi dá yàrá sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà kí ẹ wádìí ti yín wò kí ẹ tó pe àwọn ènìyàn jọ.

Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá rárá kò lè jèrè nínú yàrá. Ibi tí kò ti sí igi, a kì í retí èso. Àwọn ọmọ mẹ́fà tí ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, gbọ̀ngàn ni a dá wọn dúró sí pẹ̀lú olùkọ́ kẹta, tí ó ń kọ́ wọn ní ìkíni àti orúkọ nǹkan, títí ẹnu wọn yóò fi là. Bákan náà, ìgbà tí à ń kọ́ ohun tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ rí, gbọ̀ngàn ni ààyè rẹ̀. Ohun tí ọmọ ti ní díẹ̀ lọ́wọ́ ni a ń rán an lọ fi tayò nínú yàrá.

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án lẹ́yìn àtúnṣe yìí, ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tún pè. Ó ní òun gbé fóònù fún ọmọ náà kí ó kí màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ọmọ náà kúnlẹ̀ nílẹ̀ Enúgu bí ẹni pé màmá ń wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìdí tí a fi ń fi orógbó sọmọ lórúkọ. Màmá dá a dúró láàárín, ó ní ó ku iyọ̀, kò tíì sọ ti iyọ̀. Ọmọ náà fèsì pé, "Màmá, ti Akin ni iyọ̀, ṣùgbọ́n mo lè sọ ọ́ fún yín."